Àtàǹpàkò 19, èèyàn 7

Ìbéèrè: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, èèyàn 43 ló sì wà nínú gúrúùpù WhatsApp wa. Lóṣù tó kọjá, mo kéde pé a ti sún ìpàdé láti aago mẹ́rin sí aago méjì. Èèyàn 19 ló tẹ 👍 sábẹ́ rẹ̀. Mo ní wọ́n ti gbà nìyẹn. Èèyàn 7 ló wá. Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ọ̀kan nínú wa kéde pé ìyá òun ti kú. Ojú ẹsẹ̀ ni mo tẹ 😢 sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó sọ fún ẹlòmíràn pé akọ̀wé ò kí òun. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan wà tó kàn fi 😢 kan ṣoṣo ránṣẹ́ lọ́tọ̀, ó sì dá ìyẹn lóhùn. Èmójì kan náà mà ni! Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fa ìyàtọ̀, kí sì ni kí n máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ tí ọpẹ́ rẹ̀ kì í pọ̀. Ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ti ṣẹ̀ wá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá gbòǹgbò wọn kàn, kí n tó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Níbi tí èèyàn púpọ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀, ohun tí gbogbo wọn ń ṣọ́, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń ṣọ́ ọ, ni ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ lọ, àwọn tó ń gbọ́ kì í kàn wò ó lójú bí ère. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní “hẹ́n-ẹn”, wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ onítọ̀hún lẹ́nu. Victor Yngve, onímọ̀ èdè kan ní Amẹ́ríkà, ló sọ irú ìdáhùn kéékèèké yìí lórúkọ ní ọdún 1970. Ó ní bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gba ọ̀nà iwájú bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn kéékèèké ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà sọ́dọ̀ rẹ̀, láìgba ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Èmójì tí ẹ bá tẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn ló ń gbà. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní àlẹ̀mọ́. Èyí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó dúró ní ìlà tirẹ̀, tí orúkọ yín àti aago wà lára rẹ̀, ìyẹn ti gba ọ̀rọ̀ sọ. N ó máa pè é ní adádúró. Ẹni tó bá sì gba ọ̀rọ̀ sọ láwùjọ ti jẹ gbèsè: a ó gbà pé ó ní ohun tó sọ, ohun tó sọ sì lè bi ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó mi orí ò jẹ gbèsè kankan.

Àwọn tó ṣe áàpù mọ èyí dáadáa, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ẹ̀rọ náà bá a mu. Slack, áàpù tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, ti ní àlẹ̀mọ́ láti ọdún 2015. WhatsApp ò mú un wọlé títí di oṣù karùn-ún ọdún 2022, mẹ́fà péré ló sì kọ́kọ́ fún wa, 👍 ❤️ 😂 😮 😢 🙏, kó tó ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo èmójì lọ́dún kan náà. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá lẹ 👍 mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan nínú gúrúùpù ẹlẹ́ni 43 yín. Fóònù ẹni yẹn nìkan ló máa dún, òun gan-an sì lè ti pa á nínú ètò fóònù rẹ̀ kó má dún. Àwọn 41 tó kù ò ní gbọ́ nǹkan kan. Tí ẹ bá fi 👍 yẹn kan náà ránṣẹ́ ní adádúró, gbogbo wọn ni fóònù wọn yóò dún, àfi ẹni tó bá ti pa ohùn gúrúùpù. Ó sì tún ku ìyàtọ̀ kan tí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Bí ẹ bá yí ọkàn padà, ẹ lè yọ àlẹ̀mọ́ kúrò, kò sì ní sí àpá kankan nínú gúrúùpù pé ó wà níbẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá pa rẹ́ máa ń fi àkọlé sílẹ̀ pé a ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ níhìn-ín, gbogbo ayé á sì máa ronú ohun tí ẹ kọ.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó dìídì wá a. Ní ọdún 2016 ni Apple fi àlẹ̀mọ́ sí ibi tí wọ́n ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lórí iPhone. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó wà lórí iPhone bá lẹ àmì mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ẹni tó wà lórí Android, fóònù kejì ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń dé ibẹ̀ ni odidi àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun, tí wọ́n kọ `Liked` sí níwájú, tí wọ́n sì da gbogbo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí èèyàn mẹ́jọ bá fẹ́ràn àwòrán kan, fóònù á dún lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ó di ọdún 2022 kí áàpù àtẹ̀jíṣẹ́ Google tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n padà di èmójì. Fún gbogbo ọdún tó wà láàárín, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ gbà pé orí ni òun mì, ẹni tó ń gbà á sì ń gbọ́ pé onítọ̀hún gba ọ̀rọ̀ sọ. Ìṣe kan ni, èrò kan ni, ibi tó bà sí ló yàtọ̀, ó sì tó láti sọ onínúure di ẹni tó ń yọ aráyé lẹ́nu.

Ó yá, ká wá wo àtàǹpàkò yín. Ẹ ò kọ ìkéde náà ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n tó bá jọ èyí tí àwọn akọ̀wé sábà máa ń kọ, á rí báyìí: “Ẹ káàárọ̀ o. Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò, a ti sún ìpàdé ọjọ́ Sátidé sí aago méjì. Kí gbogbo wa gbìyànjú láti tètè dé. Ẹ má sì gbàgbé owó oṣù.” Ìkéde tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ kà á bí ẹni tó fẹ́ lẹ nǹkan mọ́ ọn. Ìròyìn wà nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìránnilétí náà wà níbẹ̀, kò sì sí ìbéèrè kankan. Bí mo bá tẹ 👍, èwo ni mo fọwọ́ sí? Ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ pé òun ti rí i. Ẹlòmíràn ní kò burú bí wọ́n ṣe sún un, bí òun ò tiẹ̀ ní lọ. Òmíràn ń bọ̀ lóòótọ́. Òmíràn rí i pé alága ti tẹ tirẹ̀, kò sì fẹ́ kí orúkọ òun sọnù níbẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú 19 yẹn, ojú kan náà ni wọ́n sì ní lórí ẹ̀rọ.

Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ pé àlẹ̀mọ́ ò ní ìtumọ̀ tirẹ̀, ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ti ń yá ìtumọ̀. Ìròyìn ò béèrè ju “a gbọ́” lọ. Nítorí náà, “a gbọ́” 19 lẹ gbà, kò sì sí ẹni tó purọ́ fún yín nínú wọn. Bí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ mú ẹnì kan pé ó ṣèlérí, ó lè wò yín lójú kó ní òun kàn jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òun rí i ni, ẹ ò sì ní rí ọ̀rọ̀ sọ.

Èyí tó rọrùn láti darapọ̀ mọ́ tún máa ń rú ìṣirò lójú. Lórí Slack àti Telegram, bí ẹnì kan bá ti lẹ 👍, ẹni tó dé lẹ́yìn ò nílò láti wá èmójì kankan. Á kàn fọwọ́ kan èyí tó wà nílẹ̀, iye á sì lé ọ̀kan sí i. Lórí WhatsApp, bí ẹ bá fọwọ́ kan àkójọ yẹn, orúkọ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni yóò ṣí. Nítorí náà 19 orí WhatsApp fi díẹ̀ wúwo ju 19 orí Slack lọ, nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti di ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kó sì yan tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fífi díẹ̀ wúwo yẹn ò sọ ọ́ di ìlérí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ẹni tó ń bọ̀, ẹ ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀. Ìkéde á dúró ní tirẹ̀, ẹ ó sì fi ọ̀rọ̀ kejì ránṣẹ́ tí ohun kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀: “Ṣé ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ní aago méjì? ✅ fún mò ń bọ̀, ❌ fún mi ò ní lè wá.” Ọ̀rọ̀ yìí ti fún èmójì ní iṣẹ́ kó tó dé. Ẹni tó bá tẹ ✅ síbẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè, ọ̀nà ẹ̀yìn náà sì ti di àpótí ìbò fún ìgbà díẹ̀. Ẹnì kan ò lè tẹ méjì lórí WhatsApp, èyí tó bá tẹ̀ kẹ́yìn ló máa ń kù, ìyẹn sì dára fún ohun tí ẹ ń wá. Ó dájú pé àwọn kan á tún tẹ 👍 tàbí ❤️ síbẹ̀, torí ọwọ́ ti mọ́ wọn. Ẹ má kà wọ́n mọ́ ✅. Ẹ kọ̀wé sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní kọ̀rọ̀, ẹ ó sì rí i pé ìlàjì wọn ò tíì pinnu.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni WhatsApp ti ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdìbò kékeré nínú gúrúùpù. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju ✅ lọ fún iye ẹni tó ń bọ̀, nítorí kò fi àyè sílẹ̀ fún 👍 aláìlórí. Ṣùgbọ́n tí owó bá wà nídìí ọ̀rọ̀, tàbí tó jẹ́ pé ẹnì kan ló máa gbé kọ́kọ́rọ́ wá tí ìlẹ̀kùn ò sì ní ṣí láìsí i, ẹ má fi í sílẹ̀ fún èmójì irú èyíkéyìí. Ẹ dárúkọ onítọ̀hún, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀. Àlẹ̀mọ́ tó wà níbẹ̀ lálẹ́ lè ti kúrò láàárọ̀ láìsí ariwo.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, ṣebí wọ́n ti fi 👍 dá ẹjọ́ rí? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹjọ́ náà sì tan ìmọ́lẹ̀ sí ohun tí à ń sọ yìí. Ní ọdún 2021, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, iléeṣẹ́ kan tó ń ra ọkà ya fọ́tò ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ kan lórí fóònù. Tọ́ọ̀nù 87 irúgbìn ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fẹ́ rà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ fìdí àdéhùn náà múlẹ̀. Àgbẹ̀ náà fi 👍 dáhùn. Nígbà tí àkókò ìkórè pé, iye owó irúgbìn náà ti gbéra sókè, kò sì kó o wá. Ní kóòtù, ó ní ohun tí òun ń sọ ò ju pé ìwé náà ti dé ọwọ́ òun. Ní ọdún 2023, adájọ́ ní rárá o, ó ti gbà, kó san owó tó lé ní 82,000 dọ́là Kánádà. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ọn ní 2024.

Àríyànjiyàn àgbẹ̀ yẹn àti ti àwọn èèyàn yín ò yàtọ̀ rárá: ṣé “mo ti rí i” ni àbí “mo gbà”? Ohun tó pa á lára ni pé 👍 tirẹ̀ jẹ́ adádúró, tó wà ní àyè ìdáhùn gan-an, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó ní kó fìdí nǹkan kan pàtó múlẹ̀. Adájọ́ sì wo ẹ̀yìn wò: àwọn méjèèjì ti ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ kúkúrú bíi `ok` tàbí `yup` ni àgbẹ̀ náà fi ń dáhùn nígbà náà, ó sì ń kó ọkà wá. Ẹ má wá torí ìyẹn lẹ 👍 mọ́ ìwé àdéhùn kí ẹ ní ẹ ò sọ̀rọ̀ o. Bí ìbéèrè bá ti hàn kedere, èmi ò ní fi owó mi tẹ́tẹ́ pé adájọ́ máa ya àlẹ̀mọ́ sọ́tọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí àwa tó ń ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ sísọ fi ń mọ iṣẹ́ tí èmójì kan ṣe. A kì í bi ẹni tó tẹ̀ ẹ́ léèrè, torí á sọ ohun tó bá wù ú lọ́jọ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e là ń wò. Bí ẹnì kan bá béèrè pé “Ṣé o máa lè gbà mí sílé lọ́la?”, tí wọ́n lẹ ❤️ mọ́ ọn, tó sì tún kọ ọ́ pé “Ṣé ká pàdé ní aago mẹ́fà?”, ó ti kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá kọ ọ́ pé “Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ mi?”, kò kà á sí ìdáhùn, ó sì tọ̀nà. Ẹ padà lọ wo gúrúùpù yín lẹ́yìn ìkéde yẹn. Bí mo bá mọ irú rẹ̀, ẹnì kan á ti béèrè lọ́jọ́ Ẹtì pé “Ṣé ìpàdé ṣì wà lọ́la?”, bẹ́ẹ̀ 👍 rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ Ajé.

Ti ọ̀fọ̀ ló gbẹgẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àlẹ̀mọ́ ò tó nítorí pé ó jọ ìmẹ́lẹ́, pé ẹni tó bá bìkítà á lo àkókò. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi 😢 kan ṣoṣo ránṣẹ́ ò ṣiṣẹ́ jù yín lọ. Bóyá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló ná òun náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ó fún ọlọ́fọ̀ ní ohun tó lè dáhùn.

Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Ó ṣí gúrúùpù lálẹ́. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó rí àkójọ kékeré kan, 😢 🙏 ❤️, pẹ̀lú iye lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ká ní 27. Ẹ̀yin wà nínú 27 yẹn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án, kó wá orúkọ yín láàárín orúkọ, kó tó mọ̀. Kódà tó bá rí yín, kò sí bí ó ṣe lè fa àlẹ̀mọ́ yín yọ kó sọ fún un pé “Ẹ ṣé”. 😢 ti ẹnì kejì dúró síta gbangba pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ó tóbi lójú gúrúùpù nítorí pé WhatsApp máa ń gbé èmójì tó bá dá wà ga, ọlọ́fọ̀ sì lè dáhùn sí i. Ìkéde ikú jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Ìdajì kejì, tí í ṣe ìkíni, gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àwọn tó kù rí pé wọ́n ṣe fún un. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni tiyín gbà, òun nìkan ni fóònù rẹ̀ sì dún, lọ́jọ́ tó ṣeé ṣe kí fóònù ọ̀hún ti dún títí tó fi sú u.

Ẹ tún wo ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní akọ̀wé ò kí òun, kò dá orúkọ yín. Bóyá ó tilẹ̀ rí 😢 yín, tó sì gbà á gẹ́gẹ́ bí tiyín fúnra yín. Ohun tó ń retí ni pé kí ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin sì ni ẹnu ẹgbẹ́. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi mímì orí sọ̀rọ̀ lórúkọ èèyàn 43. Bó ṣe rí náà nìyẹn níbi iṣẹ́: bí ọ̀gá bá lẹ 👍 mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́, ó ti tó, ó ti fọwọ́ sí i. Bí ọ̀gá bá kọ àlàyé gígùn tó ní ìbéèrè nínú, tí ọmọ iṣẹ́ sì lẹ 👍 lásán mọ́ ọn, ọ̀gá á máa wò ó pé ṣé ó tiẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń ní kí ẹ máa fi adádúró ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà o. Adádúró ní ewu tirẹ̀, ewu náà sì burú níbi ọ̀fọ̀ ju ibòmíràn lọ. Ohun tó bá wà lókè rẹ̀ ló máa ń dáhùn, ohun yòówù tí ẹ ní lọ́kàn. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 14, ẹnì kan sọ àwàdà. Ní ìṣẹ́jú 15, ẹlòmíràn kéde ikú. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn kan náà, ẹ ti wá 😂 fún àwàdà, ọwọ́ yín sì kan ibi tí a fi ń ránṣẹ́ kí ojú yín tó gbé ìkéde náà. 😂 gbàǹgbà kan ti jókòó sábẹ́ ìròyìn ikú pẹ̀lú orúkọ yín. Àlẹ̀mọ́ ò lè ṣìnà báyìí láé, torí ara àwàdà lẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ìlà kan sísàlẹ̀ pé àwàdà tòkè lẹ̀ ń dáhùn, kí ẹ wá kí ọlọ́fọ̀. Pípa á rẹ́ nìkan ò tó, nítorí àkọlé tó máa fi sílẹ̀ á jẹ́ kí àwọn tó ti rí i máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí kò rí i. Nínú gúrúùpù tí ọ̀rọ̀ ti ń yára, ẹ fi àlẹ̀mọ́ rẹ́rìn-ín. Tó bá pọn dandan kí ẹ lo adádúró, ẹ fa ọ̀rọ̀ tí ẹ ń dáhùn mọ́ ọn.

Ibì kan ṣì wà tí àlẹ̀mọ́ ti lè dun èèyàn ju adádúró lọ, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ohun tó jẹ ẹ́ lọ́kàn sílẹ̀, tí èèyàn méje lẹ 😂 mọ́ ọn, wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ sọ nínú wọn. Kò lè dá ọ̀kan lóhùn. Bó bá fẹ́ fẹ̀hónú hàn, òun ló máa kọ odidi ọ̀rọ̀, á wá dà bí ẹni tó ń wá ìjà. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú gúrúùpù yín, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akọ̀wé ni kẹ́ ẹ gba ọ̀rọ̀ sọ, kí ẹ dáhùn ohun tí onítọ̀hún kọ gan-an, kí ẹ má sì bá àwọn méje yẹn wí nígboro.

Níbi tí àlẹ̀mọ́ ti dára ju ohunkóhun lọ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń parí. “Ẹ ṣé gan-an.” “Kò tọ́pẹ́.” “Ọlọ́run á san án.” “Àmín, ẹ̀yin náà.” Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ dákẹ́. ❤️ tí ẹ lẹ̀ mọ́ “Ẹ ṣé gan-an” gbà á, ó sì ti ilẹ̀kùn láìbi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Èyí wúlò nínú gúrúùpù yín ju bí ẹ ṣe rò lọ: ìgbà tí èèyàn 30 bá ti kí ọlọ́fọ̀ ní gbangba, adádúró 🙏 kọkànlélọ́gbọ̀n kò ní ṣe é lóore púpọ̀. Ẹni tí kò bá ní ipò kankan lè lẹ 🙏 mọ́ ìkéde náà, kó sì kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i ní kọ̀rọ̀.

Ní ti ẹni tí ìyá rẹ̀ kú, ẹ pè é lónìí. Bí kò bá gbé e, ẹ kọ̀wé sí i ní kọ̀rọ̀. Ẹ má ṣàlàyé 😢 fún un, ẹ má sì sọ pé ẹ ti kí i tẹ́lẹ̀, nítorí ẹ ó sọ ọ́ di ẹni tó gbọ́dọ̀ tù yín nínú. Ẹ má yọ 😢 náà kúrò pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìkíni kan sínú gúrúùpù lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹ fa ìkéde rẹ̀ mọ́ ọn kó má baà ṣáko, kí ẹ sì fi orúkọ ipò yín sí ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ❤️ lásán ló lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti dáhùn, ẹ má sì tún kọ ohunkóhun tẹ̀ lé e.